Káńtà kejì ń kà ju bó ṣe yẹ lọ: kí ló dé tí gílíìṣì fi ń dà á láàmú, tí kò sì kan àwọn rẹ́jísítà yòókù?

ỌmọWáyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní káńtà oníbíìtì mẹ́rin kan, `q`, nínú ṣíìpù FPGA, aago rẹ̀ jẹ́ 50 MHz. Mo fẹ́ kí káńtà kejì, `r`, gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbàkígbà tí èkíní bá dé 15. Ohun tí mo kọ nìyí:

```verilog
wire kun = (q == 4'd15);
always @(posedge kun)
  r <= r + 1;
```

Nínú sìmúléṣọ̀n, kò sí wàhálà kankan. Lórí bọ́ọ̀dù, `r` ń sáré. Nígbà mìíràn á gòkè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìyípo kan tí `q` ṣe láti 0 dé 15, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀dù bá gbóná, iye yẹn á tún yí padà. Wọ́n ní gílíìṣì ni, ìfò òjijì lórí wáyà. Ṣùgbọ́n `q` yìí kan náà ń lọ sínú ọ̀pọ̀ lọ́jíìkì mìíràn nínú iṣẹ́ mi, ibẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí nìkan ló ti ń yọ mí lẹ́nu?

---

Bọ́tìnì_Mẹ́ta

Mo mọ ìyà yìí dáadáa. Irin inú bọ́tìnì kì í fara kanra lẹ́ẹ̀kan kó dúró. Á fò sókè sódò fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó kan, káńtà á sì ka gbogbo rẹ̀. Ẹ fi rẹsítọ̀ àti kàpásítọ̀ síbẹ̀, tàbí kí ẹ kọ kóòdù tó máa dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 10 kó tó gbà pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnì. Èmi ṣe é bẹ́ẹ̀, káńtà mi kò sì ṣìnà mọ́.

---

Àgbà_Rẹ́jísítà

Bọ́tìnì_Mẹ́ta, ẹ ṣeun, àmọ́ kò sí bọ́tìnì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń fò níbí kò tó nánósẹ́kọ́ǹdì kan, inú ṣíìpù gan-an ló sì ti ń jáde. Kàpásítọ̀ kò lè dé ibẹ̀.

ỌmọWáyà, wo ìgbà tí `q` bá ń kúrò ní 7 bọ́ sí 8. 7 ni 0111, 8 ni 1000. Bíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí padà: Q3 gòkè, àwọn mẹ́ta yòókù wálẹ̀. Lórí pépà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn yí. Nínú ṣíìpù, wáyà tó gbé Q3 lọ síbi tí o ti ń fi `q` wé 15 lè kúrú, kí ti àwọn yòókù sì gùn. Jẹ́ ká sọ pé Q3 gba 0.6 ns kó tó débẹ̀, tí Q2, Q1 àti Q0 gba 1.4 ns. Á jẹ́ pé fún 0.8 ns, Q3 tuntun ti dé, ó ti di 1, nígbà tí àwọn mẹ́ta tó kù ṣì wà ní 1 àtijọ́ wọn. 1111 ni géètì ń rí yẹn. Káńtà kò wọ 15 rárá, ṣùgbọ́n géètì kò mọ ohun tí káńtà ń ṣe. Ohun tó bá dé ẹnu rẹ̀ lásìkò yẹn ló ń dáhùn. `kun` á fò sí 1, á sì padà sí 0.

Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn nìkan. Láti 11 sí 12, 1011 ń di 1100: bí Q2 bá tètè gòkè kí Q1 àti Q0 tó wálẹ̀, 1111 nìyẹn. Láti 13 sí 14, 1101 ń di 1110: bí Q1 bá gòkè kí Q0 tó wálẹ̀, 1111 tún nìyẹn. Nínú ìyípo kan, ibi mẹ́ta péré ni irọ́ yìí ti lè wáyé, òótọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí méjì tàbí mẹ́ta. Ó lè dé mẹ́rin bí gbogbo àwọn ìfò náà bá fẹ̀ tó.

Ìfò tó jẹ́ 0.8 ns wà ní ààlà ohun tí ẹsẹ̀ aago fílípìfílọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú `r`, lè gbọ́. Bí ooru bá yí ìdádúró àwọn wáyà padà díẹ̀, èyí tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, tàbí kí èyí tó ń gbọ́ dákẹ́. Wo `r` dáadáa, mo fura pé wàá rí i nígbà mìíràn tó fò lọ sí nọ́ńbà tí kò bá èyí tó ṣáájú rẹ̀ tan. Ìfò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jí bíìtì kan nínú `r` kó má jí èkejì.

---

Géètì_Kan

Àlàyé dáadáa, àmọ́ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Ẹ fi géètì kan kún un. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀kan nínú méjì:

```
F = S·A + S'·B
```

Bí A àti B bá jẹ́ 1, F gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 bó ti wù kí S rí. Ṣùgbọ́n bí S bá wálẹ̀ láti 1 sí 0, `S·A` á kú lójú ẹsẹ̀, `S'·B` á sì máa retí géètì NOT kó tó gòkè. Láàárín àwọn méjèèjì, F á ṣubú sí 0. Ẹ fi `A·B` kún un:

```
F = S·A + S'·B + A·B
```

`A·B` kò ní S nínú, nítorí náà á di F mú sí 1 títí èkejì á fi dé. Lórí máàpù Karnaugh, ẹ ó rí i pé àwọn àpótí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò sí lábẹ́ òrùka kan náà, òrùka kẹta ló so wọ́n pọ̀. Kí ỌmọWáyà ṣe bẹ́ẹ̀ sí `kun`, ó parí.

---

Àgbà_Rẹ́jísítà

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí o sọ nípa F. Ọ̀rọ̀ ti `kun` ló yàtọ̀.

Nínú F tìrẹ, wáyà kan ṣoṣo ló yí, S. Iye tó bẹ̀rẹ̀ àti iye tó parí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 1 sì ni méjèèjì. O kàn ń wá géètì tí yóò di 1 mú nígbà tí S bá ń kọjá. Nínú `kun`, wáyà mẹ́rin ló ń yí láti 7 sí 8, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó máa kọ́kọ́ dé. Bí Q3 bá ṣáájú, ọ̀nà ìrìn wọn gba 1111 kọjá, 1111 sì ni ibi tí a fẹ́ kí `kun` jẹ́ 1. Ìdáhùn tó tọ́ ni géètì náà ń fún iye tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Géètì wo lo fẹ́ fi kún un tí yóò mọ̀ pé 1111 yìí jẹ́ ti ọ̀nà, pé kì í ṣe ti òpin ìrìn àjò? Kò sí. Ewu ti àkọ́kọ́ wà nínú bí a ṣe to géètì, a sì lè tò ó dáadáa. Ewu ti èkejì wà nínú iṣẹ́ tí a bẹ lọ́jíìkì fúnra rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè to géètì kó lọ.

Nǹkan kejì ni pé bí o bá kọ `A·B` sínú kóòdù lásán, túùlù tó ń sọ kóòdù di géètì á wò ó pé kò yí ìdáhùn padà, á sì gé e dànù. Àyàfi bí o bá pàṣẹ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó yẹ kí ỌmọWáyà ṣe nìyí:

```verilog
always @(posedge clk)
  if (q == 4'd15)
    r <= r + 1;
```

Ìfiwéra náà kò kúrò, gílíìṣì rẹ̀ náà kò kúrò. Ohun tó yí padà ni ẹsẹ̀ tí o gbé e wọ̀.

---

ỌmọWáyà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kò tíì yé mi. Ẹ ní gílíìṣì ṣì wà níbẹ̀. Bó bá wà, kí ló dé tí `r` kò fi ní rí i? Ṣé rẹ́jísítà ń sẹ́ ẹ ni, bí ajọ̀ ṣe ń sẹ́ nǹkan?

---

Àgbà_Rẹ́jísítà

Kì í sẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ìjà ti parí kò ní rí ẹ̀ṣẹ́ kankan, rẹ́jísítà náà kàn ń dé lẹ́yìn ìjà ni. Jẹ́ ká fi nọ́ńbà tẹ̀ lé e.

Aago 50 MHz túmọ̀ sí 20 ns láàárín ìgòkè kan sí èkejì. Fi 0 ṣe àkókò tí aago gòkè. Fílípìfílọ́ọ̀pù inú `q` gba, ká ní, 1 ns kí iye tuntun tó yọ lẹ́nu wọn. Wáyà Q3 fi 0.6 kún un, ti àwọn yòókù fi 1.4. Géètì ìfiwéra gba 0.5. Nítorí náà, láti 7 sí 8, `kun` á fò sí 1 ní 2.1 ns, á sì padà sí 0 ní 2.9 ns. Lẹ́yìn 2.9 ns, kò sí ohun tó lè yí `kun` padà mọ́, nítorí pé `q` kò ní yí títí aago á fi gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Fílípìfílọ́ọ̀pù inú `r` kì í wo ẹsẹ̀ dátà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Fèrèsé kékeré kan ló ń là yí ìgòkè aago ká: ó fẹ́ kí dátà ti dúró ṣáájú ìgòkè náà, ká ní 0.5 ns, kó sì má yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ká ní 0.2 ns. Nítorí náà, láti 19.5 ns ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Gílíìṣì ti kú láti 2.9. Àlàfo 16.6 ns ló wà láàárín wọn. Láàárín àkókò yẹn, `kun` ìbáà fò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun kan náà ni `r` máa rí: 0 tó dúró gbọnin.

Wo apá kejì fèrèsé náà pẹ̀lú. Ìgòkè aago yìí kan náà ló ń yí `q`, ṣùgbọ́n nǹkan tuntun tó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ `r` kò lè débẹ̀ kí 2.1 ns tó pé. Fèrèsé ti pa dé láti 0.2. Rúkèrúdò ìyípo tuntun kò lè ba ohun tí `r` ń mú láti inú ìyípo tó kọjá jẹ́.

Bí `r` bá sì ti mú iye náà, ohun tó ń fi ránṣẹ́ síwájú máa ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìgòkè aago, á sì dúró síbẹ̀. Lọ́jíìkì tó wà níwájú rẹ̀ kò lè mọ̀ láé pé ẹnìkan fò lẹ́yìn. Òun náà á ní gílíìṣì tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tun, rẹ́jísítà tó kàn á sì tún dé lẹ́yìn ìjà yẹn.

Ìdí tí àwọn apá yòókù nínú iṣẹ́ rẹ fi dákẹ́ nìyẹn. Ó dá mi lójú pé gílíìṣì kún inú wọn. Ẹsẹ̀ dátà ni wọ́n ń lọ, ẹsẹ̀ dátà ní àsìkò tó ń gbọ́ àti àsìkò tí kì í gbọ́. Ẹsẹ̀ aago kò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgòkè tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ àṣẹ. Ẹsẹ̀ rísẹ́ẹ̀tì tí kò dúró de aago náà rí bẹ́ẹ̀.

Ààbò yìí ní òdiwọ̀n o. Bí lọ́jíìkì rẹ bá gùn débi pé kò balẹ̀ títí di 19.8 ns, rúkèrúdò ti wọ inú fèrèsé, rẹ́jísítà á sì mú ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni ìjábọ̀ tímìngì fi ṣe pàtàkì. Kì í wo bí ìfò ṣe rí tàbí iye ìgbà tó fò, ìgbà tí ohun tó pẹ́ jù máa dé àti ìgbà tí ohun tó yá jù máa dé ló ń ṣírò.

---

Aago_Méjì

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí èmi lo rẹ́jísítà, gílíìṣì sì tún wọlé.

Mo ní apá kan tó ń rìn lórí 50 MHz, èkejì lórí 33 MHz, àwọn aago méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Mo mú ìdáhùn lọ́jíìkì kan láti apá àkọ́kọ́, mo fà á gba inú fílípìfílọ́ọ̀pù méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn ní apá kejì, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, apá kejì á rí 1 tí ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́. Mo fi fílípìfílọ́ọ̀pù kẹta sí i, kò yí nǹkan kan padà.

---

Àgbà_Rẹ́jísítà

Ó bá a mu pé kò yí padà. Gbogbo ìṣírò tí mo ṣe lókè dúró lórí nǹkan kan: aago tó ń yí `q` náà ló ń la fèrèsé `r`. Nítorí ẹ̀ la fi mọ̀ pé ìjà á ti parí. Aago 33 MHz rẹ kò mọ ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Ó lè gòkè ní ibikíbi nínú 20 ns yẹn. Bí ìfò náà bá fẹ̀ tó 0.8 ns, nínú ìyípo tí gílíìṣì bá ti wáyé, ìgòkè aago kejì tó bá bọ́ sínú ìyípo yẹn ní àǹfààní bíi ọ̀kan nínú 25 láti ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.

Fílípìfílọ́ọ̀pù méjì tó tò yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń fún èyí tó bá ṣiyèméjì láàárín 0 àti 1 ní àkókò láti pinnu. Kì í béèrè bóyá ohun tó mú jẹ́ òótọ́. Gílíìṣì tó bá wọ inú èkíní ti di 1 tó mọ́ gaara, èkejì àti ẹ̀kẹta á kàn gbé e kọjá.

Fi rẹ́jísítà kan sí ẹnu lọ́jíìkì náà ní apá 50 MHz, kó tó kọjá ààlà. Ohun tó máa sọdá nígbà náà á jẹ́ wáyà tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbàkígbà tí aago kejì bá sì wò ó, yálà ti àtijọ́ tàbí tuntun ló máa bá.

---

Géètì_Kan

Ó dáa, mo gbọ́ ti géètì àfikún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì mìíràn ṣì wà. Àkọ́kọ́, kí `q` máa kà ní kóòdù Gray. Bíìtì kan ṣoṣo ló ń yí nígbà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, á jẹ́ pé kò sí eré ìje láàárín wáyà. Èkejì, FPGA ni ỌmọWáyà ń lò, tábìlì LUT ló wà nínú rẹ̀, géètì kọ́. Mo ti kà á pé LUT kì í ní gílíìṣì.

---

Àǹtí_Síkóòpù

Ti Gray tọ̀nà. Láti iye kan sí èkejì, kò sí àárín tí ẹnikẹ́ni lè gbà kọjá, nítorí náà ìfiwéra pẹ̀lú iye kan pàtó kò ní fò. Iye owó rẹ̀ ni pé ẹ ó máa yí i padà sí nọ́ńbà gidi níbi tí ẹ bá ti fẹ́ ṣe ìṣírò. Mo ṣì gbà pé kò yẹ kí ìfiwéra náà wọ ẹsẹ̀ aago, Gray ìbáà wà tàbí kó má sí.

Ti LUT, òótọ́ náà kéré sí bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀. Ohun tí Xilinx sọ nípa LUT tiwọn ni pé bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá yí, tí ìdáhùn àtijọ́ àti tuntun sì jẹ́ ọ̀kan náà, LUT kò ní fò. Bí ẹsẹ̀ púpọ̀ bá yí, kò ní fò bí gbogbo iye tó wà láàárín wọn bá ní ìdáhùn kan náà. Láti 7 sí 8, bíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí, 15 sì wà láàárín, ìdáhùn rẹ̀ sì yàtọ̀. `kun` máa wọ inú LUT kan ṣoṣo wọ̀ọ̀, á sì fò síbẹ̀síbẹ̀, torí wáyà tó gbé bíìtì wá sẹ́nu LUT kò dọ́gba.

ỌmọWáyà, nípa sìmúléṣọ̀n tó dákẹ́: nínú kóòdù rẹ, kò sí ìdádúró kankan nínú wáyà, nítorí náà bíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, 1111 kò sì ní àyè láti yọjú. Ó di ìgbà tí o bá ṣe sìmúléṣọ̀n lẹ́yìn tí túùlù ti to wáyà tán, pẹ̀lú fáìlì SDF tó gbé ìdádúró wọn, kó tó hàn. Kódà níbẹ̀, sìmúlétọ̀ máa ń gbé ìfò tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìdádúró géètì kan lọ mì. Má fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ búra.

Síkóòpù náà lè tàn ọ́. Mo ti rí ẹni tó fa `kun` jáde sórí ẹsẹ̀ ṣíìpù láti wò ó, kò sì rí nǹkan kan, nítorí pé ìfò 0.8 ns kò lè la ẹsẹ̀ àti wáyà ìdánwò já láìdi òkè kékeré tí kò dé ibì kankan.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù kò gba síkóòpù. Dín aago kù láti 50 MHz sí 1 MHz, kí o sì ka iye ìgbà tí `r` ń gòkè nínú ìyípo kan. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́jíìkì ló gùn jù fún aago, àṣìṣe á lọ, torí àyè ti pọ̀. Bí ó bá jẹ́ gílíìṣì lórí ẹsẹ̀ aago, iye àfikún nínú ìyípo kan kò ní yí rárá, torí lẹ́yìn ìgòkè aago ni ìfò ń wáyé, kò sì bìkítà bóyá 20 ns ló kù tàbí 1000.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun o. Ṣíìpù káńtà 74F161A ní ẹsẹ̀ kan tó ń jẹ́ TC, tó ń gòkè ní 15 gẹ́gẹ́ bíi `kun` yìí. Ìwé àlàyé rẹ̀ kìlọ̀ pé ìfò òjijì máa ń wáyé lórí rẹ̀, kí a má lò ó bí aago tàbí bí rísẹ́ẹ̀tì tí kò dúró de aago.

---

ỌmọWáyà

Àǹtí, mo ṣe ìdánwò yẹn pẹ̀lú kóòdù àtijọ́. Ní 1 MHz, àfikún rẹ̀ kò yí, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Àgbà, òótọ́ sì ni ti nọ́ńbà tí kò bára tan. Mo rí `r` tó fò láti 3 sí 6.

Mo ti yí i sí `posedge clk`. Ó ń kà dáadáa báyìí, gbígbóná bọ́ọ̀dù kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Nǹkan méjì ló kù. Tẹ́lẹ̀, `r` máa ń yí bí `q` bá ṣe ń wọ 15. Ní báyìí, ó ń yí nígbà tí `q` bá ń kúrò ní 15. Èkejì, mo nílò kí `kun` fúnra rẹ̀ jáde síta, torí ó ń lọ sí ẹsẹ̀ ìkọ̀wé ìrántí kan níta tí kò ní aago.

---

Àgbà_Rẹ́jísítà

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Pẹ̀lú `posedge clk`, 15 gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí aago tó gòkè, nítorí náà ìgòkè tó gbé `q` kúrò ní 15 ni `r` ń gbọ́. Bí o bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì yí papọ̀, fi `q` wé 14. Ìgòkè tó gbé `q` láti 14 sí 15 á gbé `r` pẹ̀lú.

Ọgbọ́n kan náà ló máa gbà ọ́ lórí ẹsẹ̀ ìta. Ìrántí tí kò ní aago ò ní fèrèsé, gbogbo ìfò tó bá dé ẹsẹ̀ ìkọ̀wé rẹ̀ ló lè kọ nǹkan síbi tí kò yẹ. Má fi lọ́jíìkì darí rẹ̀ tààrà. Jẹ́ kí rẹ́jísítà ló dé ẹnu ọ̀nà:

```verilog
always @(posedge clk)
  kun_r <= (q == 4'd14);
```

`kun_r` á wà ní 1 ní gbogbo ìgbà tí `q` bá jẹ́ 15, níbẹ̀ nìkan. Má fi géètì kankan, àní NOT pàápàá, sáàárín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ṣíìpù bí o bá lè yẹra fún un. Bí ìrántí náà bá fẹ́ 0 láti kọ, kọ ìyípadà náà sápá ọ̀tún ìlà yẹn, kí rẹ́jísítà tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sì rí i pé àdírẹ́sì àti dátà ti dúró kí ẹsẹ̀ yẹn tó mì. `kun_r` tó mọ́ kò lè tún àdírẹ́sì tó ń yí lọ́wọ́ ṣe.

---

Géètì_Kan

Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Bí rẹ́jísítà bá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé ó wá túmọ̀ sí pé gílíìṣì tó wà lórí ẹsẹ̀ dátà kò ní ìpalára rárá?

---

Àǹtí_Síkóòpù

Iye ló ń bò, kò bo iná. Gbogbo ìgbà tí wáyà bá fò sókè sódò ló ń kún kàpásítánsì rẹ̀, tó sì ń dà á nù, bóyá ẹnìkan wò ó tàbí kò wò ó. Nínú ẹ̀rọ ìlọ́po ńlá, níbi tí ìpele ìròpọ̀ ti tò gbọọrọ, ìfò kan ní òkè lè di púpọ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Mo máa ń gé irú rẹ̀ sí méjì, máa fi rẹ́jísítà sáàárín, kí rúkèrúdò ìdajì àkọ́kọ́ má bàa wọ ìdajì kejì.

---

Àgbà_Rẹ́jísítà

Mo gbà pé ìfò máa ń di púpọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò gbà pé gígé e ló máa ń dín iná kù. Rẹ́jísítà tí ẹ fi sáàárín ní ẹsẹ̀ aago tirẹ̀, aago sì ń yí ní gbogbo ìyípo, bí dátà tilẹ̀ dúró. Nínú iṣẹ́ tí dátà kì í yí púpọ̀, mo ti rí i tí iná aago àfikún yẹn ju èyí tí a gbà là lọ.

---

Àǹtí_Síkóòpù

Nínú iṣẹ́ tí dátà kì í yí, bẹ́ẹ̀ ni. Ti èmi, dátà ń yí ní gbogbo ìyípo, àǹfààní rẹ̀ sì hàn nínú ìjábọ̀ iná. Bí ẹ bá ní ìjábọ̀ iná ti iṣẹ́ yẹn, ṣíṣáájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú ìyípadà dátà gidi nínú rẹ̀, ẹ gbé e síbí ká jọ wò ó.